Ọ̀pọ̀lọ́ Tó Bá Wa Wo Ilẹ̀

"Dojú bàtà mi dé, kí ọ̀pọ̀lọ́ má baà kó síbẹ̀."

Ohun tí bàbá mi bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni, nínú oṣù Kejì ọdún 1997. Ó ti wà nínú mọ́tò tó fẹ́ gbé e lọ sí ọsibítù ní Ọ̀yọ́. Ó nawọ́ sí bàtà òjò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní mo ti gbọ́. N kò ṣe é. Mo rò pé yóò dé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kò dé mọ́.

Esíkíẹ́lì Olúdáre lorúkọ rẹ̀. Ní Fìdítì, Bàbá Kànga ni gbogbo ayé ń pè é. Kànga ló ń gbẹ́. Èmi ni mo ń fa okùn fún un láti ìgbà tí mo ti jáde ìwé mẹ́fà. Ó kúrú. Ó ní Ọlọ́run mọ ohun tó ń ṣe, pé agbẹ́kànga tó bá ga kò ní ríbi bẹ̀rẹ̀.

Bàtà òjò rẹ̀, ẹsẹ̀ kan dúdú, ẹsẹ̀ kejì ní àwọ̀ ewé. Kànga méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbé èkejì wọn mì. Ó ń wọ̀ wọ́n lọ oko, ó ń wọ̀ wọ́n lọ ọjà, ó ń wọ̀ wọ́n lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ wa ní ìjọ Onítẹ̀bọmi pè é sẹ́yìn ìsìn, ó bá a sọ ọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, bàbá mi fi òróró pa bàtà náà kó lè dán. Pásítọ̀ kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ó tún máa ń tọ́ ilẹ̀ lá. Bẹ́ẹ̀ ni. Yóò bu erùpẹ̀ díẹ̀, yóò fi í sáhọ́n, yóò sì dúró bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà yóò sọ iye ẹsẹ̀ tí omi fi jìn. Ìyá mi, kó tó kú, kì í jẹ́ kó wọ ilé ìdáná.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ìlọrà ni mo fẹ́ sọ. Ọdún 1994 ni.

Bàbá mi ní àbúrò kan, Àǹtí Ìbíyẹmí. Tíṣà ni. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Inú yàrá kan nílé ẹbí ọkọ ló ń gbé, àwọn ẹbí náà sì ti sọ fún un pé àbúrò ọkọ rẹ̀ fẹ́ gbé ìyàwó, pé kó kúrò kí ọdún tó parí. Ó ní owó tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Owó náà tó ilẹ̀ kan àti yàrá méjì. Bó bá ra ilẹ̀ tí kò dára, ó tán nìyẹn. Kò sí òmíràn níbì kankan.

Lóṣù Kìíní, ó wá bá bàbá mi pé òun ti rí ilẹ̀ ní Ìlọrà. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti rí ẹ̀rín rẹ̀. Bàbá mi ní ká lọ wò ó. Ó gbé ṣọ́bìrì. Àǹtí ní kí ló fẹ́ fi ṣọ́bìrì ṣe, ṣé òkú ni wọ́n fẹ́ lọ sin ni. Bàbá mi ní òun kì í kí ilẹ̀ lọ́wọ́ òfo.

Yúnúsà ni alágbàtà ilẹ̀ náà. Ọkùnrin tó mọ́ ni, aṣọ funfun, áńkáṣíìfù funfun lọ́wọ́. Ó ń fi áńkáṣíìfù náà nu ohun gbogbo. Ó nu ìjókòó ọ̀kadà kó tó jókòó, ó nu ọwọ́ lẹ́yìn tó bọ̀ wá lọ́wọ́. Ó nu igi òpó tí wọ́n rì mọ́ igun ilẹ̀ bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ ni.

Ilẹ̀ náà dùn-ún wò. N kò ní purọ́. Ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo Ìlọrà, koríko ti pọ́n bí èèpo àkàrà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Odò kékeré kan wà nísàlẹ̀. Kò ju ohun tí èèyàn lè fò kọjá lọ. Àǹtí ti ń tọ́ka ibi tí yóò gbin òdòdó sí.

Yúnúsà ní kànga ibẹ̀ kò ní ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ. Ó ní ìyàwó ilé lè fi abọ́ bu omi. Ó tún yíjú sí Àǹtí, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ìyá Tíṣà, mo búra fún yín. Omi ò wọ ilé ẹnikẹ́ni níbí rí."

Inú Àǹtí dùn.  Bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri, ó ń fimú gbóòórùn ilẹ̀ bí ajá.

Ó kọ́kọ́ dúró lábẹ́ ọ̀pẹ kan. Ìlà ẹrẹ̀ kan wà lára rẹ̀, ó yí i po, ó gún gẹ́lẹ́. Lókè ìlà náà, ara ọ̀pẹ dúdú. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ó funfun bí ẹni fi eérú pa á. Bàbá mi dúró tì í. Ìlà náà bá a láyà. Ó ní omi ló fà á. Yúnúsà wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní tó bá jẹ́ àyà Bàbá ni, kò tíì ga.

Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín.

Ó tún rí koríko gbígbẹ àti làílọ́ọ̀nù tó há sí ẹ̀ka igi kan. Yúnúsà ní ilé ẹyẹ ni. Bàbá mi béèrè ẹyẹ wo ló ń fi àpò ìrẹsì kọ́lé. Ó rí ihò akàn. Yúnúsà ní ihò èkúté ni. Ó rí kókò tí ẹnikẹ́ni kò gbìn, àti èèsún tó ga ju òun lọ. Yúnúsà ní ilẹ̀ náà lọ́ràá ni.

Bàbá mi fi ṣọ́bìrì lé ilẹ̀. Èmi náà bọ́ sí i. Kò pẹ́ tí erùpẹ̀ fi yí padà. Lókè ó dúdú. Nísàlẹ̀ ó ní àwọ̀ eérú, pẹ̀lú àmì pupa bí ìpẹtà káàkiri inú rẹ̀, ó sì ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Bàbá mi tọ́ ọ lá. Àǹtí kọjú sẹ́yìn. Bàbá mi ní ilẹ̀ tó bá ti ní àwọ̀ yìí, inú omi ló ń gbé fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún. Nígbà tí ihò náà tó ìbàdí rẹ̀, ó ní ká dúró.

A jókòó. Ọsàn ni a mú wá láti Fìdítì. Bàbá mi bọ́ bàtà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, ó ń bó ọsàn. Kí a tó mu ọsàn mẹ́ta, omi ti ń sun jáde nínú ihò. Kí a tó mu mẹ́fà, ó ti tó kókósẹ̀. Nínú oṣù Kìíní. Nínú ọyẹ́.

Yúnúsà ní ìrì ni.

Bàbá mi dìde láti fèsì. Ó ti ẹsẹ̀ bọ bàtà aláwọ̀ ewé. Nǹkan kan tó rọ̀, tó sì tutù, fún un lẹ́sẹ̀ nínú ibẹ̀. Ó fò sókè. Ó balẹ̀ sínú ihò.

Àǹtí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Yúnúsà fi áńkáṣíìfù bo ẹnu. Èmi ni mo fa bàtà náà jáde. Ọ̀pọ̀lọ́ ni. Ó tóbi, ó sanra, ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tí wọ́n já wọ ilé rẹ̀ láìkan ilẹ̀kùn. Bàbá mi gbà á lọ́wọ́ mi. Inú ihò ló ṣì wà. Ó gbé ọ̀pọ̀lọ́ náà sókè sí àbúrò rẹ̀.

"Ìbíyẹmí. Onílé rèé. Bi í léèrè bóyá yóò yọ̀ǹda ilé fún ọ."

Ẹ̀rín Àǹtí gé. Kò dùn mọ́ ọn. Ó ní òun mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìdí nìyí tí bọ̀ọ̀dá òun fi wá. Ó ní ẹsẹ̀ bàtà lẹ́sẹ̀ bàtà ni wọ́n ń sanwó fún agbẹ́kànga, pé ta ni yóò fẹ́ kí wọ́n ra ilẹ̀ tí kànga rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ. Yúnúsà ní òun kò fẹ́ sọ ọ́ ni.

Bàbá mi kò bínú. Ó ní ó dára, ká bi ẹlòmíràn.

Ìyá kan wà létí odò, Ìyá Mojísọ́lá, ó ń bomi rin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Bàbá mi kí i. Ó béèrè bóyá omi ti wọ ilé ẹnikẹ́ni níbẹ̀ rí.

"Rárá o," ni ìyá náà wí. "Ilé wo? Àkùrọ̀ ni. Ẹ̀fọ́ la máa ń gbìn síbẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn. Lójò, a máa ń fi í sílẹ̀ fún ẹja."

Mo wo Yúnúsà. Ó ń nu òpó rẹ̀. Òótọ́ ló búra. Kò sí ilé, ibo ni omi fẹ́ wọ̀? Ṣùgbọ́n ara kò tì í. Ó ní ìyá náà kò sanwó ilẹ̀ tó ń gbin ẹ̀fọ́ sí, ṣé yóò wá sọ pé kí wọ́n wá kọ́lé síbẹ̀ ni. Àǹtí mi orí. Ó ní òótọ́ ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bàbá mi mú un lọ sí kánsù ní Jobele, lọ́dọ̀ àwọn tó ń fọwọ́ sí pílánù ilé. Ọkùnrin kan, Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúndé, ya odò náà sórí ìwé fún wa. Ó ní òfin kò gba ilé lẹ́bàá odò, àti pé ibi tí omi máa ń dé lójò ni àwọn ti ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ibi tó sùn sí lẹ́ẹ̀rùn. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ọ̀nà ibẹ̀ sókè, ihò kan ṣoṣo ni omi ń gbà kọjá lábẹ́ rẹ̀, omi tó sì máa ń tàn káàkiri tẹ́lẹ̀ ti ń kó jọ sí apá ibi tí ilẹ̀ náà wà. Ó ní bí wọ́n bá kó yẹ̀pẹ̀ kún un, yóò máa rì, ògiri yóò sì máa là. Ó ní òun kò lè fọwọ́ sí pílánù kankan níbẹ̀.

Yúnúsà gbọ́. Ó ní ọwọ́ àwọn kánsù ń yún wọn ni.

Ọ̀rọ̀ wá rí báyìí. Agbẹ́kànga ní tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀, ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní tirẹ̀, kánsù ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ni kò ní tirẹ̀, Àǹtí kò sì gbọ́ èdè rẹ̀.

Bàbá mi bẹ̀ ẹ́. N kò rí i kó bẹ èèyàn rí. Ó ní kó má sanwó títí òjò yóò fi rọ̀ dáadáa. Ẹni tó bá ń ra ilẹ̀ létí odò, kó wò ó lójò. Lẹ́ẹ̀rùn, gbogbo ilẹ̀ ló ń ṣe bí ọmọlúàbí. Àǹtí gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á. Yúnúsà ní ará Ìbàdàn kan ti ń wo ilẹ̀ náà. Bí ìyẹn bá rà á, ọdún yóò parí, wọn yóò sì gbé ẹrù Àǹtí síta.

Yúnúsà fẹ́ fi hàn pé ọkàn òun balẹ̀. Lóṣù Kẹrin, ó kan ilé pákó kan sórí ilẹ̀ náà, ó pè é ní ọ́fíìsì. Ó gbẹ́ kànga ẹsẹ̀ mẹ́rin síwájú, ó gbẹ́ ṣáláńgá sẹ́yìn. Ó kọ ọ́ sára pátákó pé ILẸ̀ ÌFỌ̀KÀNBALẸ̀. Bàbá mi lọ kí i kú oríire. Ó fi ìgbésẹ̀ wọn ààrin kànga àti ṣáláńgá. Ìgbésẹ̀ méje. Ó ní nígbà tí omi bá ga, ohun tó wà nínú èyí yóò rin ìrìn àjò lọ sínú ìyẹn. Yúnúsà bu omi kànga náà sínú kọ́ọ̀bù, ó mu ún gbẹ níwájú wa. Ó nu ẹnu.

Oṣù Karùn-ún, òjò wẹẹrẹ. Oṣù Kẹfà, òjò díẹ̀ díẹ̀. Omi kò dé ọ́fíìsì. Yúnúsà ń jókòó síwájú rẹ̀ lórí àga, ó ń juwọ́ sí ẹni tó bá ń kọjá. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi bàbá mi léèrè ìròyìn ọ̀pọ̀lọ́ rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnìkan ké kúọ́ọ̀kú lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó ń lọ fi ọrẹ sílẹ̀. Ó fi òróró pa bàtà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù Keje, Àǹtí wá sílé wa. Kò jókòó. Ó ní wọ́n ti kó ibùsùn ìyàwó tuntun wá sínú yàrá òun, wọ́n fi í ti ògiri, òun ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sùn. Ó ní lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, òun yóò sanwó fún Yúnúsà. Bàbá mi ní ó dára. Lẹ́yìn tó lọ, ó jáde, ó ń wo ojú ọ̀run. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń wò ó. Ọrùn rẹ̀ wú.

Ọjọ́bọ̀ ni òjò náà bẹ̀rẹ̀, láàárọ̀ kùtùkùtù. Títí di aago méjì ọ̀sán, kò dá. Bàbá mi ká okùn kànga sí èjìká, ó ní ká lọ. A gba ilé ìwé lọ pe Àǹtí. Ó fi àpò làílọ́ọ̀nù borí. Òjò ò dá títí a fi dé Ìlọrà.

Odò tí èèyàn lè fò kọjá ti lọ. Ohun tó wà níbẹ̀ fẹ̀ bí pápá bọ́ọ̀lù, ó pọ́n, ó ń gbé igi lọ. Ọ́fíìsì Yúnúsà ti kúrò níbi tí wọ́n kàn án sí. Ó ti lọ há sára ọ̀pẹ, ó dà bí ẹni tó mutí. Orí páànù rẹ̀ ni Yúnúsà jókòó sí, ìwé rìsíìtì lábẹ́ abíyá, áńkáṣíìfù lórí. Nǹkan kan ń léfòó yí i ká. N kò ní sọ ohun tó jẹ́. Ẹ rántí ṣáláńgá.

Bàbá mi so okùn mọ́ igi ìrókò kan lókè, ó so ìyókù mọ́ ìbàdí, ó sì wọnú omi. Èmi ń tú okùn fún un díẹ̀díẹ̀. Ó dé ìdí ọ̀pẹ. Omi bá a láyà. Ó wo ara ọ̀pẹ. Ó pè mí láti ibẹ̀ pé kí n wò ó, pé orí ìlà náà gẹ́lẹ́ ni. Mo ní mo ti rí i. Yúnúsà bẹ̀ wá pé ká fi ìlà sílẹ̀.

"Yúnúsà," ni bàbá mi wí, "kànga rẹ àti ṣáláńgá rẹ ti ń kí ara wọn. O ti mu nínú rẹ̀ láàárọ̀ yìí?"

 Bàbá mi pọ̀n ọ́n. Ọkùnrin náà ga, bàbá mi kúrú, ẹsẹ̀ Yúnúsà ń wọ́ nínú omi lẹ́yìn bí ìrù. Mo fà wọ́n wá. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, Yúnúsà dúró níwájú Àǹtí, ó fẹ́ nu ojú, áńkáṣíìfù rẹ̀ sì ti pọ́n bí ẹrẹ̀. Àǹtí wò ó.

"Bọ̀ọ̀dá Yúnúsà, ẹ ò ní lè búra yẹn mọ́ o. Omi ti wọ ilé ẹnìkan níbí."

Ó jókòó sórí gbòǹgbò ìrókò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Bàbá mi jókòó tì í. Ó bọ́ bàtà, ó da omi inú wọn nù, ọ̀kan, èkejì. Ó ní kó máa bọ̀ nílé òun títí ilẹ̀ gidi yóò fi yọ. Ó ní òun yóò gbé ṣọ́bìrì kúrò nínú yàrá.

Oṣù mẹ́sàn-án ni Àǹtí gbé lọ́dọ̀ wa. Ó kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ibùsùn. Ní ọyẹ́ ọdún náà, ó ra ilẹ̀ kan lórí òkè lẹ́yìn Fìdítì, gbígbẹ, òkúta pọ̀ níbẹ̀. Kí ó tó sanwó, òun fúnra rẹ̀ béèrè ibi tí àgbàrá ń gbà, ó wo ara igi, ó bá àwọn aládùúgbò mẹ́rin sọ̀rọ̀, ó ní ká gbẹ́ ihò. Ihò náà gbẹ fún odindi ọjọ́ kan. Bàbá mi gbé bàtà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí ohun tó wọ̀ ọ́.

Kànga ibẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlélógójì. Èyí tó jìn jù tó gbẹ́ láyé rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀fẹ́ ló gbẹ́ ẹ. Ó sì ráhùn lórí ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pé ó yẹ kí òun ti jẹ́ kí ó ra àkùrọ̀.

Yúnúsà pa dà wá lọ́dún kejì. Kò gbé ọ́fíìsì wá. Ó ní òun fẹ́ kí Bàbá máa bá òun wo ilẹ̀ kí òun tó fi han ẹnikẹ́ni. Wọ́n jọ ń lọ, ọ̀kan nínú aṣọ funfun, ọ̀kan nínú bàtà aláwọ̀ méjì. Nígbà tí a sin bàbá mi, Yúnúsà wà níbẹ̀. Ó nu pósí láti orí dé ẹsẹ̀. Kò sí eruku lára rẹ̀.

Gbogbo èèyàn ti lọ. Àǹtí lọ lánàá. Lónìí mo gbálẹ̀, mo sì dé ibi bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ṣì dúró ṣánṣán bó ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Mo gbé èyí dúdú, òfo ni. Mo gbé èyí aláwọ̀ ewé. Ó wúwo díẹ̀.

Mo mú ọ̀pọ̀lọ́ kan jáde nínú rẹ̀, mo gbé e lọ sẹ́yìnkùlé síbi tí omi ìwẹ̀ ń dà sí. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wò mí. Mo fa omi garawa kan. Mo fọ bàtà méjèèjì, mo fi òróró díẹ̀ pa wọ́n. Mo dojú wọn dé.